Fọ́ìsì nóòtì mẹ́sàn-án ti parẹ́ lórí Wọ́sáàpù: ibo ni kí n kọ́kọ́ wá a sí?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Áńdírọ́ìdì 13 ni fóònù mi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2025, àbúrò bàbá mi ki oríkì ìdílé wa sínú fọ́ìsì nóòtì mẹ́sàn-án, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Lánàá, ọjọ́ 13, fóònù ní òun ti kún, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Mo fi áàpù Files by Google pa àwọn kan rẹ́ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, mo tún wọ inú Wọ́sáàpù fúnra rẹ̀ lọ pa àwọn mìíràn. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ̀ pé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ti bá a lọ. Fóònù àbúrò bàbá mi ti sọnù, kò sí pé kí wọ́n tún un rán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Kúnlé: Èyí ò le. Lọ gbé DiskDigger wọlé, jẹ́ kó yẹ gbogbo fóònù wò, ohun tó o pa á jáde. Bí kò bá jáde, yọ Wọ́sáàpù kúrò kó o tún fi í sí i. Á bi ọ́ bóyá kóun dá ohun gbogbo padà, kó o tẹ Restore. Ó tán.

Bọ̀dé: Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì yọ Wọ́sáàpù o. Ohun tí Kúnlé sọ gbẹ̀yìn yẹn lè wúlò, àmọ́ kò tíì kàn. Bí ẹ bá yọ ọ́ báyìí láìwo ọjọ́ tí ẹ̀dà àfipamọ́ yín wà, ẹ lè pàdánù èyí tó kù.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì ṣe é kó tó di aago méjì òru. Ẹ wọ Wọ́sáàpù, Settings, Chats, Chat backup. Níbẹ̀ ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà gbẹ̀yìn sórí Google Drive. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, níbi tí iye ìgbà tó ń ṣe é wà, ẹ yí i kúrò ní Daily tàbí Weekly, kí ẹ fi sí Only when I tap "Back up". Ẹ má sì tẹ Back up yẹn rárá. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí Drive. Bó bá tún ṣe òmíràn lẹ́yìn tí ẹ ti pa nǹkan rẹ́, tuntun á jókòó lórí ti àtijọ́, ohun tí ẹ ń wá á sì bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá mi lóhùn: nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti wọ́n jọ sọ, ṣé àpótí fọ́ìsì nóòtì kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ tó kàn kọ̀ láti sọ̀rọ̀, àbí àpótí náà ti lọ pátápátá?

Àdùkẹ́: Mo ti yí i. Ó kọ ọ́ pé ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 11, ni ti Drive. Weekly ló wà tẹ́lẹ̀. Àpótí mẹ́fà ṣì wà, àmì ọfà kékeré ló wà lórí wọn, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ní kò ṣeé ṣe. Àwọn mẹ́ta ò sí níbẹ̀ rárá.

Bọ̀dé: Ó dáa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà lọ, ọ̀nà méjì náà la ó gbà wá wọn.

Mẹ́fà tí àpótí wọn ṣì wà, Files by Google ló mú fáìlì wọn. Wọ́sáàpù ò mọ̀ pé ẹnì kan ti kó ẹrù jáde lẹ́yìn òun. Láti Áńdírọ́ìdì 11, ohun tí áàpù yẹn bá gbé sínú Trash kì í kú lójú ẹsẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń lò níbẹ̀. Ẹ ṣí Files by Google, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, ẹ tẹ Trash. Ẹ wá orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PTT, ẹ mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ tẹ Restore.

Bí Trash bá ṣófo, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ jẹ́ kí áàpù fáìlì fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ hàn, kí ẹ wá lọ sí fódà yìí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media/WhatsApp Voice Notes/202519
```

202519 ni ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún, inú rẹ̀ ni ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún bọ́ sí. Fáìlì tó wà nínú Trash lè máa jẹ́ báyìí:

```
.trashed-1749753600-PTT-20250506-WA0014.opus
```

Nọ́ńbà gígùn àárín yẹn kì í ṣe àdììtú. Iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ni, ó sì ń tọ́ka sí ọjọ́ tí fóònù máa pa á rẹ́ pátápátá. Tí àpẹẹrẹ yìí jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú alẹ́ nílẹ̀ Nàìjíríà: ọgbọ̀n ọjọ́ gééré sí ìgbà tí ẹ ń palẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ẹ yọ gbogbo ohun tó ṣáájú PTT. Kó kù PTT-20250506-WA0014.opus.

Kúnlé: Ẹ̀yin Bọ̀dé, ẹ fẹ́ràn wàhálà. DiskDigger yẹn ló dá ohùn padà fún mi lọ́dún tó kọjá, mo rí i lójú ara mi.

Bọ̀dé: Orí mẹ́mórì káàdì ni, àbí inú fóònù?

Kúnlé: Mẹ́mórì káàdì ni.

Bọ̀dé: Ẹ wá rí i. Káàdì tí ẹ kò fi kọ́kọ́rọ́ tì, bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí rẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n fà igi lé, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gba àyè rẹ̀. Inú fóònù ayé ìsinsìnyí yàtọ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí fáìlì bá lọ, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ, fóònù á sì tún sọ fún ibi ìpamọ́ pé àyè yẹn ti ṣófo, kó nù ún. Áàpù tí kò ní àṣẹ gíga lórí fóònù ò lè débẹ̀. Àwòrán kéékèèké àti fáìlì tí ẹ ò tíì pa ló máa kó wá fún yín, á wá ní kí ẹ sanwó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Áífóònù ni mo ń lò. Mo gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, ọmọ tẹ fóònù, ó pa á. Ṣé inú fódà 2025 yẹn náà ni kí n wá a sí?

Rónkẹ́: Rárá o, Ìyá Ìbejì, ti Wọ́sáàpù orí Áńdírọ́ìdì nìyẹn. Tiyín rọrùn. Ẹ ṣí Voice Memos, ẹ wo Recently Deleted, ẹ tẹ ohùn náà, kí ẹ tẹ Recover. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń wà níbẹ̀ àyàfi tí ẹnì kan bá ti yí i padà ní Settings, torí wọ́n lè fi sí ọjọ́ kan, kódà kó máa pa á lójú ẹsẹ̀.

Àdùkẹ́: Mo rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú Trash! Mo tẹ Restore, wọ́n padà sí fódà wọn. Mẹ́rin ti ń sọ̀rọ̀ nínú Wọ́sáàpù. Méjì tí mo fi áàpù orin fóònù ṣí, ó ní òun ò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?

Bọ̀dé: Ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ìṣẹ́jú kan fọ́ìsì nóòtì máa ń tó nǹkan bí 100 sí 200 KB. Bó bá jẹ́ 0 KB, kò sí ohùn nínú rẹ̀ mọ́. Bó bá tó bẹ́ẹ̀, fáìlì ò ṣe nǹkan kan, áàpù orin yẹn ni kò mọ opus. Ẹ fi VLC ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa Wọ́sáàpù dé kí ẹ tún un ṣí, ó ṣeé ṣe kí àpótí méjèèjì tún rí fáìlì wọn.

Àdùkẹ́: 340 KB àti 512 KB ni. VLC ń sọ ọ́ kedere. Ó ku mẹ́ta tí àpótí wọn ti lọ.

Alàgbà Ṣẹ́gun: Ìyẹn náà wà lọ́wọ́. Nínú fódà Databases, Wọ́sáàpù máa ń tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ bíi méje, fáìlì tí orúkọ wọn parí sí crypt14 tàbí crypt15. Ẹ mú ti ọjọ́ 12, kí ẹ fi rọ́pò ti ìsinsìnyí, kí ẹ wá tún Wọ́sáàpù fi sí i. Fọ́ìsì nóòtì á padà.

Bọ̀dé: Alàgbà, òótọ́ ni pé ẹ̀dà wọ̀nyẹn wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú wọn, ohùn ò sí níbẹ̀. Àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á padà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Inú Media ni ohùn ń gbé, ibẹ̀ gan-an ni Àdùkẹ́ sì ti pa á. Ẹ̀dà orí Drive nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀. Ọjọ́ 6 ni ohùn dé, ọjọ́ 11 ni ẹ̀dà, ọjọ́ 13 ni pípa. Ẹ̀dà yẹn bọ́ sáàárín, ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́: Bí mo bá dá ti ọjọ́ 11 padà, ọ̀rọ̀ tí mo ti bá èèyàn sọ láti ọjọ́ náà ńkọ́?

Bọ̀dé: Á lọ, torí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ lo fóònù mìíràn tí ẹ bá ní. Áńdírọ́ìdì ni kó jẹ́, kí ẹ fi àkáùntì Google kan náà sí i. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fódà com.whatsapp ti fóònù yín sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi Wọ́sáàpù sí fóònù kejì, ẹ kọ nọ́ńbà yín, kó fi kóòdù ránṣẹ́, kí ẹ tẹ Restore. Wọ́sáàpù á jáde lórí fóònù àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì yọ áàpù náà níbẹ̀. Kó tó di pé ẹ ṣe ohunkóhun mìíràn lórí ìkejì, ẹ fi Chat backup tirẹ̀ náà sí Only when I tap "Back up". Ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà, ohùn á máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹ fi sórí wáìfáì. Bí mẹ́ta náà bá ti sọ̀rọ̀, ẹ kó wọn sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó fi nọ́ńbà padà sórí fóònù àkọ́kọ́.

Rónkẹ́: Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo End-to-end encrypted backup ní Chat backup. Bó bá wà ní On, ó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kóòdù oní-nọ́ńbà 64. Bí ẹ ò bá rántí rẹ̀, ẹ̀dà náà ò ní ṣí fún yín.

Àdùkẹ́: Off ló wà. Mo ti yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọ̀rọ̀ ti padà, méjì nínú àwọn mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta ṣì ní ọfà lórí, ó ti tó wákàtí kan.

Bọ̀dé: Kí ẹ wo Chat backup lórí fóònù náà bóyá ó ṣì ń kó fáìlì wá. Bó bá ṣì ń kó, ẹ fi sórí iná mànàmáná, kí ẹ má tẹ ọfà náà. Bó bá ti parí tí ọfà ò kúrò, kò sí nínú ẹ̀dà náà nìyẹn. Déètì ni kí ẹ bá mi wò ná: ṣé ọjọ́ 6 ni ìkẹta náà wọlé, àbí ẹ dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 11?

Àdùkẹ́: Ọjọ́ 6 ni wọ́n fi ránṣẹ́, àmọ́ mi ò lè búra pé mo tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ 12. Ó ṣì ń kó fáìlì. Ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló wà báyìí.