Ìyàtọ̀ ie àti eg nínú ìwé òfin ẹgbẹ́

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sí Yorùbá, eg, ie àti etc sì kún inú rẹ̀. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n kọ "b.a." àti "abbl"? Kí la ó sì pe asap?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọ̀kan náà ni eg àti ie, "bí àpẹẹrẹ" ni kí ẹ fi sí gbogbo rẹ̀. "Abbl" ni etc. Ní ti asap, "kíákíá" ti tó.

Bàbá Olùkọ́: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o gba etc, ṣùgbọ́n o ṣi ie mú. Látìn ni méjèèjì. "Fún àpẹẹrẹ" ni eg, "ìyẹn ni" ni ie. Akọ̀wé, ẹ wo irú gbólóhùn yìí: "Àwọn olóyè, ie alága, akọ̀wé àti akápò, ni yóò máa buwọ́ lu ìwé ìgbowó ní báǹkì." Ẹni mẹ́ta péré ni, kò sí ẹlòmíràn. Tí ẹ bá wá fi "bí àpẹẹrẹ" sí i, igbákejì alága lè gbé bírò, kó ní olóyè lòun náà, pé díẹ̀ lára wọn lẹ dárúkọ. Kò sì jẹ̀bi, ohun tí òfin wí nìyẹn.

Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ ni pé i tó bẹ̀rẹ̀ ie náà ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Bí ẹ bá ṣì lè fi ẹlòmíràn kún àwọn tí a dárúkọ, eg ni. Bí kò bá sí àfikún mọ́, ie ni.

Etc náà ní tirẹ̀. "Àti" ti wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú abbl, nítorí náà ẹni tó kọ "iṣu, ẹ̀wà àti abbl" ti sọ àti lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé òfin, èmi ò ní lò ó rárá. "Ẹni tó bá jà nípàdé, tó bá kó owó ẹgbẹ́ jẹ, abbl, yóò san owó ìtanràn." Ta ni yóò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú abbl yẹn? Ẹ ka ẹ̀ṣẹ̀ náà tán, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu èyí tó kù.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ojú ọkọ mi ò ríran dáadáa mọ́, fóònù ló ń kàwé sí i létí. Nígbà tó kan eg nínú lẹ́tà kan, bí ẹni ń pe ẹyin lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe kà á. Ọkọ mi ní kí n wá wò ó, kí ni ẹyin ń wá níbẹ̀. Lọ́dún 2016, ìjọba ibí ní àwọn yóò yọ eg, ie àti etc kúrò lórí GOV.UK nítorí irú èyí. Ṣé abbl ò ní dà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu fóònù?

Bàbá Olùkọ́: Yóò dà bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí a kọ ọ́ tán nínú gbólóhùn, "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ", kí ìkékúrú wà fún inú tábìlì àti àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí àyè ti há.

Asap kì í ṣe Látìn, lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ni. "Kíákíá" kò sì gbé e tán, nítorí "tó bá ṣeé ṣe" wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ń rò pé lónìí ni; ẹni tó gbà á ń rò pé ìgbà tí àyè bá yọ ni. "Ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" ló sún mọ́ ọn jù. Nínú òfin, ẹ dá ọjọ́: "láàárín ọjọ́ 7".

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mo ti gbọ́ ti ie, Bàbá. Ṣùgbọ́n "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" gùn jù fún Wọ́sáàpù. Ẹ jẹ́ ká gé e sí "nkṣ".

Bàbá Olùkọ́: Ta ni yóò mọ̀ ọ́n kà? Ṣebí ìwé ìléèwé ló jẹ́ kí gbogbo wa mọ abbl.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ abbl náà, Bàbá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti padà wo ie mẹ́rin tó wà nínú ìwé náà. Mẹ́ta jẹ́ "ìyẹn ni" lóòótọ́. Ìkẹrin kà pé ẹgbẹ́ yóò fi owó ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ níbi ayẹyẹ, "ie ìsìnkú àti ìgbéyàwó". Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, a fún ẹnì kan lówó ìsọmọlórúkọ. Yálà ẹni tó kọ òfin fẹ́ kọ eg, tàbí àwa la ṣi owó ná. Mi ò lè fi ìtumọ̀ yanjú ìyẹn, mo ti fi sínú ohun tí a ó jíròrò nípàdé Sátidé.