Fíríìsà kan, yìnyín mélòó lójúmọ́?

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó píọ̀ wọ́tà 60 sínú fíríìsà, kí n lè máa ta yìnyín fún àwọn oníṣóbò. Ọjọ́ kejì rèé, kò tíì dì dénú. Àbí gáàsì rẹ̀ ti lọ ni?

Ará Kubwa: Ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ sí 7. Ó ti parí.

Bọ̀dá Onífíríìsà: Gáàsì kọ́. 7 dára, ṣùgbọ́n kì í mú ẹ̀rọ yára. Ìgbà tó máa sinmi nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ fún un, bẹ́ẹ̀ tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bá kún inú rẹ̀, kì í ráyè sinmi rárá. Ìyá Ìbejì, ẹ wo bébà tó wà lẹ́yìn fíríìsà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `kg/24h` sí. Ká ní 12 ló wà níbẹ̀: ohun tó lè mú dì lójúmọ́ kan nìyẹn. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, 60 jẹ́ kílò 30. Ọjọ́ méjì àbọ̀ ni, bí iná ò bá lọ. Inú yàrá tó tutù díẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ooru oṣù kẹta níbí. Àpò kan, ìyẹn 20, ni kí ẹ máa kó sí i lójúmọ́. Ẹ tẹ́ wọn kí wọ́n fara kan ògiri rẹ̀, torí inú ògiri ni páìpù tó ń tutù wà. Ẹ má kó tuntun lé èyí tó ti dì lórí. Wọ́n á lẹ̀ pọ̀, ọ̀rá á sì ya tí ẹ bá ń fà á yọ.

Àlàbá: Ẹni tó bá yá fíríìsà fún òde ìnáwó, kó má gbé e dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ o. Ọ́ìlì á ṣàn jáde nínú kọmpírẹ́sọ̀.

Ìyá Oníyìnyín, Mararaba: Ẹ̀gbọ́n, wọn ò béèrè yíyá. Ìyá Ìbejì, ẹ mì í létí kí ẹ tó tà á. Bí omi bá dún nínú, ara nìkan ló dì, oníṣóbò á dá a padà kó tó di ọ̀sán. Ẹ ṣírò iná náà: wáàtì 150 fún wákàtí 20 jẹ́ yúnìtì 3. Bí yúnìtì bá jẹ́ ₦210, ₦630 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ₦31 lórí píọ̀ wọ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lé owó tí ẹ fi ra omi kí ẹ tó dá iye tí ẹ máa tà á. Ìgbà ààwẹ̀ ni wọ́n ń wá a jù, tí ọyẹ́ bá dé, ọjà á dákẹ́.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Wákàtí 12 péré ni iná wa. Ṣé kí n tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́?

Bọ̀dá Onífíríìsà: Rárá, epo á jẹ èrè. Ẹ kó 10 péré.

Ìyá Oníyìnyín, Mararaba: Nígbà ààwẹ̀ ńkọ́? Èmi ò gbà pé kò ní pa owó wọlé.