README mi sọ pé mo ti dán fáìlì òfìfo wò

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí nídìí README iṣẹ́ lábù. Tèmi rè é. Wọ́n ní ká fi èdè C ka nọ́ńbà inú fáìlì, ọ̀kan lórí ìlà kan, ká sì wá ìpíndọ́gba wọn ní `int`. Mo kọ ọ́ sínú README pé `make` ni kí wọ́n tẹ̀, pé iye ìlà ni mo fi ń mọ iye nọ́ńbà, àti pé `t3.txt` ń dán fáìlì òfìfo wò. Gbogbo ìdánwò yege. Lẹ́kọ́rà gbé fáìlì òfìfo tirẹ̀ wá, púrógíráàmù mi kú mọ́ ọn lọ́wọ́: `Floating point exception`. Ó dùn mí gan-an, torí mo dán an wò lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Adó: Báwo lo ṣe dá `t3.txt`?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
```
echo "" > t3.txt
```

Ẹ̀gbọ́n Adó: Ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Tẹ `wc -c t3.txt`, 1 lo máa rí. `echo` ti fi òpin ìlà kan sí i, ìwọ sì ka ìlà kan, o fi 1 pín. Òfìfo gidi kò ní ìlà rárá, 0 lo máa fi pín. `: > t3.txt` ni kí o lò.

Ìyá Ìbejì Ìjerò: Irọ́ ni. Fóònù ni mo fi ṣe tèmi, nínú Termux. Mo fún un ní òfìfo gidi, 0 ló tẹ̀ jáde, kò kú. Lẹ́kọ́rà yẹn ló le jù.

Ẹ̀gbọ́n Adó: Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ rí. ARM ló wà nínú fóònù yín, 0 ló máa ń dáhùn tí a bá fi 0 pín `int`. Kọ̀ǹpútà lábù, x86 ni, ṣe ló máa ń dá púrógíráàmù dúró. Èdè C ò ṣèlérí ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ fi èsì `uname -m` àti `gcc --version` sí README, kí ẹni tó ń kà á mọ ibi tí ẹ ti ṣe é.

Ará Ìkọ̀lé: Ṣé lábù kẹ́mísírì ni? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ ò lè kọ “mo dán an wò” láìkọ iye tó jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Ará Ìkọ̀lé, ohun tó yẹ ká máa ṣe náà nìyẹn. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, má pa `t3` rẹ́ o. Yí àlàyé rẹ̀ padà sí “ìlà òfìfo kan”, kí o dá `t5` fún òfìfo gidi. Ìwọ wo èyí ná: 4, 6, kí ìlà òfìfo kan tẹ̀ lé e. Kí ló jáde?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: 3!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: Ó yẹ kó jẹ́ 5. `atoi` ka ìlà òfìfo sí 0, ìwọ náà sì kà á mọ́ iye, 10 wá di èyí tí o fi 3 pín. Iye ìlà tí o ní o fi ń mọ iye nọ́ńbà ló fà á.

Ìyá Ìbejì Ìjerò: Ṣebí ó ti kọ ọ́ sí README pé bóun ṣe ṣe é nìyẹn. Kí ni wọ́n tún ń yọ máàkì sí?

Ẹ̀gbọ́n Adó: Ó sọ ohun tó yàn, kò sọ ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tí fáìlì bá ṣófo, ṣé 0 ni kí n tẹ̀ jáde ni, àbí kí n fi `exit(1)` jáde?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́: `exit(1)`.

Ìyá Ìbejì Ìjerò: 0 ni o.