Síìdì wo ni kí n mú, àwòrán mélòó ni kí n ṣe, kí n tó rí èyí tó jọ bàbá yìí jù?

Onífótò Wàǹdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá wa. Àjàṣẹ́ ni mo wà, lẹ́bàá ọjà Wàǹdó. Àwọn ọmọ bàbá kan tó ti dolóògbé, ará Kétu, fẹ́ àwòrán ńlá tí wọn yóò gbé síwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò sí fótò bàbá kan tó mọ́ tó èyí tí a lè tẹ̀ tóbi. Fótò 16 ni wọ́n kó wá. Mo fi 13 kọ́ LoRA, àfikún kékeré tó ń kọ́ ojú bàbá, lórí Stable Diffusion 1.5, ètò tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀, mo sì fi 3 pamọ́ láti máa fi wéra. AUTOMATIC1111 ni mò ń fi darí rẹ̀, káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà mi ní mẹ́mórì 8 GB.

Seed, ìyẹn síìdì, nọ́ńbà tí àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀, wà ní -1 kí ètò máa mú èyí tó bá wù ú, Batch size, iye àwòrán tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, wà ní 8. Nínú ohun tó ń jáde, òmíràn jọ bàbá, òmíràn dà bí àbúrò rẹ̀, òmíràn ò tilẹ̀ jọ ẹnì kankan nínú ìdílé. Mo rí ọ̀kan tó jọ ọ́ dáadáa ní 512 × 640. Mo mú síìdì rẹ̀, mo gbé ìwọ̀n lọ sí 768 × 960 kí ó lè ṣeé tẹ̀, ẹlòmíràn ló jáde pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, síìdì mélòó ni ó yẹ kí n wò, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jọ jù, kí ló sì dé tí ojú náà fi yí padà?

Àkànbí Ìjẹ̀bú-Àjàṣẹ́
Ẹ gbé Batch size sókè sí i. Tí ó bá ń ṣe wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n á sì dára jù. Ẹ má sì fi Seed sí -1 mọ́. Èmi, 777 ni mo máa ń lò, ó máa ń fún mi ní ojú tó dáa.

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́
Àkànbí ọmọ mi, ti -1 yẹn tọ́: ẹni tó bá fẹ́ padà síbi tó ti rí ohun rere, kó fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán inú Batch kan kì í wo ara wọn rárá. Ohun tí Batch size ń ṣe ni pé ó ń jẹ mẹ́mórì káàdì, iṣẹ́ á sì yá díẹ̀ sí i. Àwòrán mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́jọ, tàbí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 32, àwọn ojú kan náà ló máa jáde, tí síìdì bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bákan náà ni 777 rẹ: kò sí síìdì tó ní oríire fún gbogbo iṣẹ́. Síìdì ló ń pinnu àwọ̀ wúruwùru tí àwòrán ti ń hù jáde, nítorí náà òun ló ń darí ibi tí orí kọjú sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, bí ojú ṣe tóbi tó. Tí ọ̀rọ̀ tí o kọ fún un tàbí LoRA bá yí padà, 777 ti di nǹkan mìíràn.

Oníṣẹ́ Wàǹdó, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Kọ Seed sí 5000, Batch size 4, Batch count 8. Ètò yẹn á máa fi ọ̀kan kún síìdì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, wàá sì ní 5000 títí dé 5031. Má rò pé 5007 á jọ 5008 o, kò sí ìbátan láàárín wọn, nọ́ńbà tó tẹ̀ léra kàn rọrùn láti kọ sílẹ̀ ni. Síìdì kọ̀ọ̀kan á wà lára orúkọ fáìlì rẹ̀, bí `00007-5007.png`. Má ṣe mú un lára àwòrán àkópọ̀ tí wọ́n tò pọ̀, síìdì àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú ìyẹn.

Pa Hires. fix, tó ń sọ àwòrán di ńlá, nígbà tí o ń wá. Òun ló máa ń jẹ́ kí mẹ́mórì 8 GB kún, kì í ṣe àwòrán mẹ́rin ní 512 × 640. Kọ ọ́ fún un pé orí àti èjìká nìkan ni o fẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àpótí kan nínú ibi tí ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́ dúró fún píksẹ́lì 8 ní gígùn àti 8 ní fífẹ̀. Tí bàbá bá dúró gbọọrọ tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ní píksẹ́lì 80, àpótí mẹ́wàá péré ni ètò náà ní láti fi ya imú, ẹnu àti ojú méjèèjì. Kò sí síìdì tó lè gba ojú kékeré yẹn là.

Ní ti iye, ká ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá ló ń jọ. Kí 32 jáde láìsí ẹyọ kan tó jọ, bí ìgbà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún péré ni yóò ṣẹlẹ̀. Tí o bá wo 32 tí o kò rí nǹkan kan, má lọ wo 300. LoRA ni kí o padà sí, tàbí kí o dín agbára rẹ̀ kù láti 1 sí 0.8, kí o tún wo àwọn síìdì kan náà.

Fótò Atijọ́ Adjarra
Kí lẹ fi ń da ara yín láàmú? Ẹ fi fótò bàbá yẹn sínú CodeFormer, ètò tó ń tún ojú ṣe, á mọ́ kedere. Ti màmá mi tó ti ya, tí omi ti bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Èmi náà ní ìbéèrè: ojú rẹ̀ ń dán bí ike, kí ni mo lè ṣe sí i?

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́
Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, wọn kò tún fótò ṣe níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè yín wúlò fún oníṣẹ́ Wàǹdó náà. Ẹ gbé CodeFormer weight súnmọ́ 1 kí ó lè tẹ̀ lé ojú tó wà níbẹ̀, torí tó bá súnmọ́ 0, ojú tirẹ̀ ló máa ń ṣe. Oníṣẹ́ Wàǹdó, nítorí ìdí yìí gan-an, má tan Restore faces, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nígbà tí o ń yan síìdì. Á sọ gbogbo wọn di ojú kan tó dán, o ò sì ní mọ èyí tó jọ bàbá látilẹ̀.

Ọmọ Alákétu
Ẹ ṣé, Màmá. Kí n dáhùn ti ìwọ̀n. Àwọ̀ wúruwùru yẹn, bí fífẹ̀ àti gígùn àwòrán ṣe rí ni wọ́n ṣe ń tò ó. Tí ẹ bá yí ìwọ̀n padà, nọ́ńbà kan náà á tò ó lọ́nà mìíràn, ẹlòmíràn sì ni yóò jáde. Nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀ ní 512 × 640, ẹ mú síìdì tí ẹ yàn, ẹ wá tan Hires. fix sí 2, Denoising strength 0.3. Ní 0.35 ó ṣì dára. Tí ẹ bá kọjá 0.5, ìpéǹpéjú àti ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, ẹni tó mọ bàbá ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ẹ dín Batch size sí 1 níbẹ̀.

Tí síìdì kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ tán, ẹ má fò lọ sí òmíràn. Ẹ tẹ Extra lẹ́gbẹ̀ẹ́ Seed, ẹ fi Variation seed sí -1, Variation strength sí 0.1, kí ẹ ṣe mẹ́jọ. Ìdúró àti ìmọ́lẹ̀ kò ní yí púpọ̀, àwọn nǹkan kéékèèké bíi ti ojú ni yóò máa sún díẹ̀.

Láti mọ èyí tó jọ jù, ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ya àwọn tí kò jọ sọ́tọ̀. Ẹ fi InsightFace, ètò tó ń fi ojú wé ojú, sí i, ẹ kó fótò 3 tí ẹ pamọ́ sí `ooto`, kí ẹ kó 32 sí `jade`:

```python
import cv2, glob, numpy as np
from insightface.app import FaceAnalysis
app = FaceAnalysis(name="buffalo_l")
app.prepare(ctx_id=0, det_size=(640, 640))
def oju(f):
    w = app.get(cv2.imread(f))
    return w[0].normed_embedding if w else None
g = [o for o in map(oju, glob.glob("ooto/*.jpg")) if o is not None]
a = np.mean(g, axis=0)
a = a / np.linalg.norm(a)
for f in glob.glob("jade/*.png"):
    o = oju(f)
    if o is not None: print(round(float(o @ a), 3), f)
```

Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ojú ṣe súnmọ́ ti bàbá tó. Ẹ fi fótò gidi wé fótò gidi lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ lè mọ ibi tí bàbá fúnra rẹ̀ máa ń dé. Ẹ mú mẹ́fà tó ga jù, kí àwọn ọmọ bàbá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe papọ̀, torí tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á gbà.

Onífótò Wàǹdó
Mo ti ṣe é, ẹ ṣeun púpọ̀. 5019 ló ga jù nígbà tí mo fi 13 tí mo fi kọ́ LoRA wéra, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ àti ìṣẹ́po ọrùn agbádá rẹ̀ rí gan-an bí ọ̀kan nínú fótò yẹn. Nígbà tí mo fi 3 tí mo pamọ́ wéra, 5007 ló gba iwájú. Ìṣòro kan ṣẹ́kù: bàbá ní ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. 5007 ní méjì ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì, nọ́ńbà rẹ̀ sì ga síbẹ̀.

Ọmọ Alákétu
Ti 5019, àdàkọ fótò ni. Ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti ilà, ètò tó ń wéra yẹn ń sọ ojú di píksẹ́lì 112 × 112 kó tó wò ó, ilà tín-ínrín fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kò lè kà á. Ojú ènìyàn nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Ẹ má sì wá síìdì tí ilà rẹ̀ pé, ẹ lè wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ yan síìdì fún egungun ojú, ẹnu àti ìwò ojú, kí ẹ wá fi GIMP mú ilà láti inú fótò gidi lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn tí Hires. fix bá ti parí.

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́
Yẹ ibi tí o ti kọ́ LoRA wò náà. Tí o bá tan Flip augmentation, ó ti rí bàbá lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ẹni wà nínú dígí. Ilà tó bá yàtọ̀ lápá kan, tàbí àmì ara lórí imú, á di àdàpọ̀ nínú gbogbo síìdì. Tún un kọ́ láìsí ìyẹn, kí o tún wo 5000 sí 5031.

Àkànbí Ìjẹ̀bú-Àjàṣẹ́
Mo fi 5007 sínú ComfyUI mi, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ AUTOMATIC1111, láti ràn án lọ́wọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan ló jáde. LoRA kan náà ni mo lò o.

Ọmọ Alákétu
Kì í ṣe ẹ̀bi LoRA. AUTOMATIC1111 ń ṣe àwọ̀ wúruwùru rẹ̀ lórí káàdì tí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ComfyUI sì ń ṣe é lórí CPU. Síìdì ọ̀kan kì í bá èkejì dọ́gba. Nínú ComfyUI sì rèé, síìdì ẹyọ kan ló wà fún gbogbo Batch. Tí àwòrán kẹta bá dára, má fi méjì kún síìdì. Fi síìdì náà sílẹ̀, kí o lo Latent From Batch, kí batch_index jẹ́ 2, torí òdo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́
Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí a tún wò ni ti `buffalo_l`, èyí tí InsightFace fi ń wé ojú. Àwọn tó ṣe é sọ pé ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Onífótò ń gba owó lórí iṣẹ́ yìí. Ṣé yíyan àwòrán lásán ni a máa kà á sí ni, tàbí ó ti di òwò?

Onífótò Wàǹdó
Màmá, mi ò tíì rò ó débẹ̀. Ní báyìí ná, àwọn ọmọ bàbá ló máa fi ojú ara wọn yan nínú àwọn mẹ́fà. Mo ń tún LoRA kọ́ láìsí Flip augmentation, màá sì gbé 5000 sí 5031 tuntun síbí ní alẹ́.