Ẹ bá mi wo lẹ́tà ìpè tí ẹ̀gbọ́n mi kọ fún màmá wa láti Kánádà

Káyọ̀dé, Ìjàpọ̀ l'Ákùúrẹ́:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí ká tó sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Wínípẹ́ẹ̀gì lóyún, dókítà ní 18 oṣù keje ló máa bí, ó wá fẹ́ kí màmá wa wá bá òun tọ́jú ọmọ. Màmá ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, bàbá wa ti fẹ̀yìntì, ilé ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́, ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá wa ṣe é ní ó dáa, ká yáa lọ sanwó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Mo kọ lẹ́tà yìí láti pe ìyá mi, Ìyáàfin Bùkọ́lá, kí wọ́n wá lo oṣù méjì pẹ̀lú mi láti 10 oṣù kẹfà títí di 30 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n fẹ́ wá sinmi kí wọ́n sì wo ìlú. Ilé mi ni wọ́n máa dé sí, èmi ni màá sì gbé gbogbo ìnáwó wọn. Mo fi dá yín lójú pé wọ́n máa padà sí Nàìjíríà."

Àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ wà lókè, ó sì ti buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù físà àbẹ̀wò, IMM 5257, tí ẹ́jẹ́ǹtì kún, ó mú "Tourism" níbi ìdí ìrìnàjò, ó kọ ọgọ́ta ọjọ́, ó sì ní màmá fúnra wọn ló máa náwó. Ṣé mo kàn ń yọ ara mi lẹ́nu ni?

Ìyá Ìbejì, Alágbàkà:
Àbúrò, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn o. Ẹ́jẹ́ǹtì yín mọ nǹkan tó ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá lè kọ ọ́ pé wọ́n ń lọ tọ́jú ìkókó, wọ́n máa ní iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni màmá fẹ́ wá ṣe, wọ́n á sì já a. Ohun tí mo rí sọ sí i ni pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú tàbí tí kò ní káàdì pí-áà tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé Kánádà títí ò lè kọ lẹ́tà ìpè rárá, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó ní in.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, Oǹdó:
Ìyá Ìbejì ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí tí ẹ sọ nípa ọmọ yẹn. Ìwé àwọn Kánádà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé kí ìyá máa ran ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ nígbà tó bá wá kí i, láìgba owó, wọn ò kà á sí iṣẹ́. Torí náà kò sí ìdí láti fi í pamọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ ló máa wá ní wàhálà, torí màmá ni ẹni tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ẹ́jẹ́ǹtì, tí wọ́n bá sì ní ó parọ́ fún àwọn, ọdún 5 gbáko ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Káyọ̀dé, o ò yọ ara ẹ lẹ́nu rárá. Ṣe báyìí: tẹ́ lẹ́tà sí apá kan, tẹ́ fọ́ọ̀mù sí apá kejì, kó o máa mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà, kó o bi í pé ibo ni fọ́ọ̀mù ti sọ ohun kan náà, ìwé wo ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Jẹ́ ká mú ọjọ́. 10 oṣù kẹfà sí 30 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 113 nìyẹn. Lẹ́tà ní oṣù méjì. Fọ́ọ̀mù ní ọgọ́ta ọjọ́. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́tà ti ń bá ara ẹ̀ jà, òṣìṣẹ́ tó ń wò ó kò sì ní pe ẹnikẹ́ni láti béèrè èwo ló jẹ́ òótọ́, ó kàn máa kọ ọ́ pé ìdí ìrìnàjò ò yé òun ni. Èyí tó tún wá ṣòro jù ni pé kò sí nǹkan kan nínú lẹ́tà tó sọ ìdí tí ìyá arúgbó tó ní ṣọ́ọ̀bù fi máa lọ lo oṣù mẹ́ta ó lé "láti wo ìlú". Ta ló ń wo Wínípẹ́ẹ̀gì fún oṣù mẹ́ta? Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọmọ ń bọ̀ ní 18 oṣù keje, tí lẹ́tà dókítà tó ní ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀, ọjọ́ ìrìnàjò á ti ní ìdí. Ó máa dé kí ọmọ tó dé díẹ̀, ó máa dúró tí ìyá ọmọ títí ara ẹ̀ á fi yá, ó máa padà. Ọmọ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni agbára lẹ́tà yín, ẹ̀yin lẹ wá ń gbé e sá.

Lẹ́yìn náà ni owó. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní òun ló máa náwó, fọ́ọ̀mù ní màmá ni. Ẹ fẹnu kò. Àti pé iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣe? Lẹ́tà ò sọ iṣẹ́, kò sọ iye èèyàn tó ń gbénú ilé, kò sọ ìwé tó fi ń gbé Kánádà, bẹ́ẹ̀ ìjọba wọn fúnra ẹ̀ kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀ lára ohun tí lẹ́tà ìpè yẹ kó ní, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì.

Pásítọ̀ Ṣẹ́gun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan o, ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n pè mí sí ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà yẹn rẹwà gan-an, sítáǹpù wà níbẹ̀, àmì ìjọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ẹni tó máa san owó hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, èmi náà ò sì fi ìwé báǹkì tèmi sí i tó bó ṣe yẹ, wọ́n bá já a. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ẹ ti gbé tiyín lọ sí kọ́ọ̀tù? Nótárì ló máa ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, Oǹdó:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Àwọn ọ́fíìsì físà kan máa ń béèrè nótárì, tí wọ́n bá béèrè kẹ́ ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí nótárì ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni yìí ló buwọ́ lù ú, kò jẹ́rìí sí i pé oṣù méjì àti ọjọ́ 113 jẹ́ nǹkan kan náà. Tẹ́ ẹ bá gbé lẹ́tà tó ń tako ara ẹ̀ lọ fún un, èyí tó ń tako ara ẹ̀ tó ní sítáǹpù lẹ máa gbé padà wálé.

Káyọ̀dé, Ìjàpọ̀ l'Ákùúrẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an bọ̀ọ̀dá. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní káàdì pí-áà. Ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa lọ lífì ìbímọ ní ìparí oṣù kẹfà, ọkọ ẹ̀ ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ní ọmọ kan tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́rin. Nǹkan míì tí mo tún rí ni pé orúkọ màmá nínú páásípọ́ọ̀tù ni Adébùkọ́lá Fẹ́lísíà, lẹ́tà kàn pè wọ́n ní Bùkọ́lá. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ ẹ̀ nínú gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀, kò sí ibi tí orúkọ òun àti ti màmá ti pàdé.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, Oǹdó:
Ẹ wò ó, ẹ̀ ń rí i fúnra yín báyìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn kì í ṣe kékeré. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé Bùkọ́lá àti Adébùkọ́lá ẹnì kan náà ni, èèyàn méjì ló rí. Orúkọ páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ̀gbọ́n yín kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, tó fi mọ́ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù yẹn. Kí ẹ sì so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ pẹ̀lú ìwé méjì: ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n yín tó ní orúkọ màmá àti orúkọ bàbá yín, àti ìwé ìgbéyàwó ẹ̀ tó fi hàn pé orúkọ bàbá yẹn ló yí padà sí ti ọkọ. Tí ọ̀kan ò bá sí, okùn yẹn já ní àárín.

Èyí tó tún ká mi lára ni lífì yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín ní òun á gbé gbogbo ìnáwó, àsìkò tí màmá máa wà níbẹ̀ gan-an sì ni owó oṣù ẹ̀ máa dínkù. Ẹni tó bá rí lẹ́tà dókítà máa ronú kan ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọkọ ẹ̀ wọ inú lẹ́tà, kí àwọn méjèèjì jọ buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi lẹ́tà iṣẹ́ tiẹ̀, ìwé owó oṣù ẹnu àìpẹ́, àti ìwé owó orí ọdún tó kọjá sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ilé báyìí, ọmọ tuntun ń bọ̀, yàrá wà fún màmá, kí wọ́n sì fi àdéhùn ilé tó ní àdírẹ́ẹ̀sì kan náà sí i.

Ó ku gbólóhùn tó ní "mo fi dá yín lójú pé wọ́n máa padà." Gbogbo lẹ́tà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín tó wà lọ́hùn-ún ló máa fi ìyẹn hàn, màmá ni. Kí màmá kọ lẹ́tà tiwọn: ṣọ́ọ̀bù wà l'Ọ́jà Ọba, bàbá wà nílé, ta ló máa jókòó ti ọjà tí wọn ò bá sí níbẹ̀? Kẹ́ ẹ wá fi risíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó bá wà, àti sítéètìmẹ́ǹtì báǹkì tí owó ọjà ń wọ̀ tó ń jáde sí i. Ẹ má lọ yá owó ńlá sọ sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde o, torí wọ́n máa béèrè ibi tó ti wá.

Ìyá Ìbejì, Alágbàkà:
Ó dáa, èyí tí ẹ sọ nípa ọmọ yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n ti káàdì pí-áà ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi dájú.

Bísí, Wínípẹ́ẹ̀gì:
Ìyá Ìbejì mà, súpà físà ni wọ́n sọ fún yín yẹn. Ìyẹn ni ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń pe òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú tàbí kó ní pí-áà, wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún un mọ́ iye èèyàn tó ń bọ́, màmá á ṣe àyẹ̀wò ara, wọ́n á sì ra ìnṣọ́ránsì ìlera tó kéré tán 100,000 dọ́là. Ti àbẹ̀wò lásán, ẹni tó wà níbí pẹ̀lú ìwé ilé ìwé tàbí ìwé iṣẹ́ náà ń kọ lẹ́tà fún ìyá ẹ̀. Àmọ́ Káyọ̀dé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti ní pí-áà, kí ló dé tí ẹ ò ṣe súpà yẹn? Èèyàn lè dúró tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, Oǹdó:
Bísí, owó ọkọ nìkan lásìkò lífì, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú màmá àti ọmọ tuntun, ṣé ó máa tó ohun tí wọ́n ń béèrè? Èmi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n nílò.

Bísí, Wínípẹ́ẹ̀gì:
Awakọ̀ akẹ́rù níbí máa ń rówó o bọ̀ọ̀dá. Kí wọ́n ṣírò ẹ̀ ná. Ọmọ kẹta tún lè dé, ṣé wọ́n á máa kọ lẹ́tà ní gbogbo ìgbà ni?

Káyọ̀dé, Ìjàpọ̀ l'Ákùúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ ẹ̀ ti kọ òmíràn, apá tó ṣe pàtàkì nìyí: "A ń pe ìyá wa, Adébùkọ́lá Fẹ́lísíà, láti 5 oṣù keje sí 30 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 88, kí wọ́n lè wà pẹ̀lú wa nígbà tí a bá bí ọmọ wa kejì, tí dókítà ní yóò jẹ́ 18 oṣù keje. Àwa méjèèjì la máa san tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ àti ìnṣọ́ránsì wọn." Mo ti ní kí ẹ́jẹ́ǹtì yí fọ́ọ̀mù sí "Family Visit", kó yí ọjọ́ àti ẹni tó ń náwó, ó ń bínú ṣùgbọ́n ó ti ṣe é. Ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n mi ni a ò rí, èyí tó wà nílé ti ya, orúkọ màmá ò hàn mọ́ níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, Oǹdó:
Ó ti dára ju ti àkọ́kọ́ lọ jìnnà. Ẹ ka ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ 88 bá ti fọ́ọ̀mù mu. Ti ìwé ìbí, ẹ má san 100 dọ́là físà àti 85 dọ́là ìka títẹ̀ títí ẹ máa fi rí i. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ka iye èèyàn l'Ákùúrẹ́, kẹ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà láti fi ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí fún ẹni tó ti dàgbà, torí ẹ̀gbọ́n yín ò sí nílé. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tí wọ́n sọ ẹ padà wá síbí.

Ìyá Ìbejì, Alágbàkà:
Káyọ̀dé, mo mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn, kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Pè mí lágogo mẹ́wàá ọ̀la.