Ọ̀rọ̀ 93 péré ni ímeèlì tó mú èsì wá fún mi

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kẹ́mísírì ni mo kà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí èédú èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe ń fa òjé kúrò nínú omi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ̀wé sí pròfẹ́sọ̀ 40 ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbà mí ní akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. àti olùrànlọ́wọ́ ìwádìí. Kò sẹ́nì kankan tó dáhùn.

Ìwé náà tó 400 ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni mo ṣe: mo kí wọn títí, mo yin yunifásítì wọn, mo ní láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Ìpínrọ̀ kẹrin ni iṣẹ́ mi tó jẹyọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n lọ sórí NSF Award Search, ìkànnì àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni lówó ìwádìí, kí n tẹ `lead sorption water`. Ẹ máa rí pròfẹ́sọ̀ tí ìjọba fún lówó ìwádìí níbẹ̀, ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Àṣé owó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti ń kọ̀wé sí ti ń lọ sópin! Mo wá ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan tán pátá, mo sì kọ èyí ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo tú u nìyí:

*"Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá, ẹ kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé èédú kì í fa òjé tó bó ṣe yẹ tí kálísíọ́ọ̀mù bá pọ̀ nínú omi. Mo rí irú rẹ̀. Èédú èèpo ẹ̀gẹ́ mi ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tí mo pò ní lábù, ṣùgbọ́n nínú omi kànga, ohun tó fà kò tó ìdajì. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rọ AAS wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ Ph.D. tí ẹ máa sanwó fún ní Oṣù Kẹjọ? Sífíì mi wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣé."*

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé: ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Omi kànga yẹn nìkan ni wọ́n bi mí léèrè fún ogún ìṣẹ́jú.

Ọmọ Ṣàkì
Ẹ kú oríire. Tí pròfẹ́sọ̀ bá ti gbà, ìwọlé ti parí nìyẹn. Ẹ fi sátífíkéètì àti èsì ìdánwò yín gbogbo ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbà yín gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Lábù
Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kì í gba ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí tí pròfẹ́sọ̀ kan kò bá kọ́kọ́ gbà láti mójú tó o, nítorí náà “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ wúwo. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ló ń ka fọ́ọ̀mù. Pròfẹ́sọ̀ lè bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ tí fọ́ọ̀mù yín kò bá wọlé kí gbèdéke tó pé, tó sábà máa ń jẹ́ Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, kò sóhun tó lè ṣe. Ti fáìlì, PDF sífíì kan ti tó. Ẹ sì kọ́kọ́ ka ojú ewé pròfẹ́sọ̀ náà. Àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a fi ọ̀rọ̀ kan pàtó sínú àkọlé ímeèlì. Ẹni tí kò bá fi í, wọn kì í ṣí tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta
Ṣé wọ́n fi irú ímeèlì yìí ń gba físà iṣẹ́? Àbúrò mi ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Rárá mà, ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ni. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n á san owó ilé ìwé, wọ́n á máa fúnni lówó oṣù, a ò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ.

Ọmọ Olóko
Bàọ́lọ́jì ni tèmi. Mo kọ̀wé sí méjìlá, méjì dáhùn, ohun kan náà ni wọ́n sọ: wọn kì í mú akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Ọdún àkọ́kọ́, èèyàn á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní lábù bíi mẹ́ta kó tó yan ọ̀kan. Èmi ò dárúkọ owó rárá o. Mo rò pé ó máa lé wọn sá.

Ẹ̀gbọ́n Lábù
Èmi á dárúkọ rẹ̀. Tí kò bá sí owó, ó yẹ kí ẹ tètè mọ̀.

Ọmọ Olóko
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọn ò tíì mọ̀ mí? Kò tíì yé mi.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Fọ́ọ̀mù tèmi ti wọlé. Ìgbìmọ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Tí mo bá gbọ́, màá padà wá sọ fún yín.