Òfin kànńpá méjì, orúkọ kan ṣoṣo

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ kan ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ìwé àdéhùn kajú kan wà níwájú mi, tí oníṣòwò kan níbí fẹ́ bá oníbàárà kan ní Fíẹtinámù fọwọ́ sí, ó sì fẹ́ kà á ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa darí àdéhùn náà. Òmíràn ní yíyàn yìí kò kan àwọn òfin kan, àwọn tí kò sí àdéhùn tó lè yẹ̀ wọ́n. "Òfin kànńpá" ni mo kọ síbẹ̀, àmọ́ mo ti lo "òfin kànńpá" kan náà lókè fún nǹkan mìíràn, ìyẹn òfin tí àdéhùn kò lè yẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ tí a bá yàn. Kí ni ká máa pe ti ìkejì yìí? Kí sì ni ká máa pe ẹ̀tọ́ tí àwọn méjèèjì ní láti yan òfin tó wù wọ́n?

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́:

Ọmọ mi, ti ẹ̀tọ́ yẹn kò le rárá: "òmìnira olùdéhùn" ni. Ní ti òfin ìkejì, má ṣe wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri, nítorí gbòǹgbò kan náà ni àwọn méjèèjì ní; gíga ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Bí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe ga ju òfin ìjọba ìbílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí ṣe ga ju kànńpá yòókù. "Òfin kànńpá àgbà" ni màá kọ.

Agbẹjọ́rò kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ gíga yẹn nìkan ni n kò lè bá yín gbà. Òfin méjèèjì lè wà nínú ìwé òfin kan náà, kí ilé aṣòfin kan náà sì ti ṣe wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà tí àwọn tó dá àdéhùn bá yan òfin ilẹ̀ mìíràn: ọ̀kan á dìde, á bá òfin ilẹ̀ rẹ̀ lọ, èkejì á jókòó síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin àdéhùn tiwa ti ṣẹ̀ wá, ìlérí lásán kì í de èèyàn. Ẹni tí a ṣèlérí fún gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan lélẹ̀ ní pàṣípààrọ̀, àfi bí ìlérí náà bá wà nínú ìwé èdìdì. Ẹni méjì kò lè kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àwọn fo èyí, nítorí náà kànńpá ni lóòótọ́. Àmọ́ bí oníkajú wa àti oníbàárà rẹ̀ bá yan òfin Jámánì, tí kò béèrè irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, kànńpá yẹn ti parí nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò sunkún rẹ̀.

Ti ìkejì kì í lọ bẹ́ẹ̀. Kí àpò kajú kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, oníṣòwò gbọ́dọ̀ ti ṣe fọ́ọ̀mù NXP, èyí tí a fi ń kéde ọjà tó ń lọ sókè òkun, ní báńkì rẹ̀, owó ọjà náà sì gbọ́dọ̀ padà wọ àkáǹtì owó òkèèrè rẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín 180 ọjọ́ sí ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹrù ọkọ̀. Ká ní òun àti oníbàárà rẹ̀ wá kọ ọ́ pé kí ìdajì owó náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yàn kò rí àléébù kankan nínú ìyẹn. Síbẹ̀, bí 180 ọjọ́ bá pé tí ìdajì owó kò wọlé, Báńkì Àpapọ̀ kò ní béèrè òfin tí wọ́n yàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "àgbà" ti já ni pé òfin NXP yìí kò ga ju ẹnikẹ́ni lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920, ẹjọ́ kan dé iwájú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọkọ̀ tó kó júùtù láti Kàlìkọ́tà lọ sí Bàsẹlónà. Wọ́n ti fi owó ẹrù sí 50 pọ́n-ùn fún tọ́ọ̀nù kan, kí wọ́n san ìdajì rẹ̀ ní Bàsẹlónà nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Òfin Sípéènì sì ti fi 875 pẹsétà ṣe òpin owó ẹrù lórí tọ́ọ̀nù kan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń darí àdéhùn náà, àmọ́ ilé ẹjọ́ kò jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ gba kọ́bọ̀ kan lé òpin yẹn, nítorí pé ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti máa san án, ilẹ̀ Sípéènì sì ti kọ̀ ọ́. Ẹ wá gbé e sórí kajú wa. Lọ́ńdọ̀nù ni àdéhùn ní kí wọ́n ti san ìdajì yẹn, kì í ṣe Nàìjíríà. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pàṣẹ fún oníbàárà pé kó san án síbẹ̀, kí ìjọba wa sì fìyà jẹ oníṣòwò nílé lórí owó kan náà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé a ní nílé tẹ́lẹ̀ ni "èèwọ̀". Èèwọ̀ ìdílé ń bá ìdílé lọ. Bí o kì í bá ṣe ọmọ ìdílé ọ̀hún, o lè jẹ ẹran tí wọn kì í jẹ níwájú wọn. Èèwọ̀ ìlú ń mú gbogbo ẹni tó bá wọ ìlú, ìbáà jẹ́ ọmọ ìdílé wo ló jẹ́, àmọ́ bí o bá ti jáde ní bodè, ìlú tí o wọ̀ ló ní tirẹ̀. Àdéhùn tó yan òfin dà bí àlejò tó wọlé pẹ̀lú èèwọ̀ ìdílé rẹ̀. Mo dámọ̀ràn "òfin èèwọ̀ ìlú".

Oníṣòwò kajú kan, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń gbẹjọ́ tí ẹ ń sọ yìí dùn mí dé egungun. Mo ta kajú fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Ó gbẹ tó nígbà tí a wọ̀n ọ́n níbí, mo wà lórí ìwọ̀n. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní ó tutù, wọ́n yọ owó. Mo ní màá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù wa níbí, agbẹjọ́rò mi sọ pé ìwé tí mo fọwọ́ sí ní kí a lọ jà ní ìlú wọn. Ṣé kò sí èèwọ̀ ìlú tó lè gbà mí?

Agbẹjọ́rò:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń jà, ọ̀tọ̀ ni òfin tí a fi ń jà, ẹ sì lè rí méjèèjì nínú gbólóhùn kan. Tiyín jọ ti ilé-iṣẹ́ Sonnar, tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa ní 1987. Ìrẹsì tí ọkọ̀ Nordwind fẹ́ kó wá láti Tàílándì ni, ìwé ẹrù ọkọ̀ sì ní kóòtù Jámánì àti òfin Jámánì ni. Ilé ẹjọ́ wa kọ̀ láti dá ẹjọ́ náà dúró níbí. Lára ohun tó mú un kọ̀ ni pé àkókò tí wọ́n lè fi pẹjọ́ ní Jámánì ti kọjá, tí ẹni tó ní ìrẹsì kò fi ní rí ibi kankan kọrí sí. Èmi kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín yóò rí, nítorí n kò tíì rí ìwé yín. Ẹ mú un wá, kí ẹ má sì pẹ́.

Ẹjọ́ yẹn kan ọ̀rọ̀ "òmìnira" tí bàbá dá sílẹ̀. Adájọ́ Oputa sọ níbẹ̀ pé yíyàn òfin gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, kó jẹ́ ti ọkàn rere, kó bófin mu, kó sì mọ́gbọ́n dání. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ti ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ wa báyìí: àwọn oníṣòwò tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù ń yan òfin rẹ̀ lójoojúmọ́. "Òmìnira" wá fẹ̀ jù. Ó tún gba ohun mìíràn mọ́ra, ìyẹn òmìnira láti kọ ohunkóhun tó wù wá sínú àdéhùn, iye owó, ọjọ́ ìfijíṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹ̀tọ́ ìyàn òfin" ni mo fara mọ́.

Olùkọ́ èdè:

Mo gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga, ó ti yé mi. Àmọ́ èèwọ̀ ni n kò gbà. Èèwọ̀ ń sọ ohun tí a kì í ṣe. Ṣé kò sí irú òfin yìí tó ń pàṣẹ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe?

Agbẹjọ́rò:

Ó wà, sà. Ìkan tó lókìkí jù ni ti aṣojú oníṣòwò kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Ingmar, tó ń bá ilé-iṣẹ́ Kàlìfọ́níà kan ṣiṣẹ́ láti 1989. Òfin Kàlìfọ́níà ni wọ́n yàn. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 1996, aṣojú náà béèrè owó ìdágbére tí òfin Yúróòpù fún àwọn aṣojú; ilé-iṣẹ́ ní òfin tí àwọn yàn kò mọ irú owó bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù sọ ní 2000 pé níwọ̀n ìgbà tí aṣojú ti ṣiṣẹ́ náà nínú Yúróòpù, yíyàn Kàlìfọ́níà kò lè gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ sísan owó ni èyí, òótọ́ lẹ sọ.

Ìyá kan tó ń tajà ní Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Ṣé a kì í sọ pé èèwọ̀ ni kí èèyàn má kí ọba? Kíkí ni a pàṣẹ níbẹ̀ yẹn. "Èèwọ̀ ni kí o lé aṣojú láìsanwó" dún geere létí mi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ti àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí: bí wọ́n bá rí "èèwọ̀" nínú ìwé kóòtù, wọ́n á ní òrìṣà ló ń darí àdéhùn.

Olùkọ́ èdè:

Màmá, ẹ ti yí mi lérò padà díẹ̀. Ti ìkejì yẹn ni n kò lè dá yín lóhùn.

Ògbufọ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe ti àkọ́kọ́ ní "kànńpá ìdílé", àmọ́ mo fi í sílẹ̀, nítorí òfin kì í ní ìdílé. Èyí tí mo kọ lókè ṣì ń jẹ́ "òfin kànńpá", èyí tí mo béèrè sì di "òfin kànńpá ìlú". N kò kọ èèwọ̀, nítorí ohun tí màmá sọ. Mo kọ "ẹ̀tọ́ ìyàn òfin" pẹ̀lú. Lánàá ni mo gbé e fún oníṣòwò náà ní Tákíè. Ó kà á wò, ó dé ibi tó ní "yíyàn yìí kò kan òfin kànńpá ìlú", ó gbé orí sókè, ó ní: "Ìlú wo?"

Mo wo ojúlówó ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò dárúkọ ìlú kankan. A ti kọ̀wé sí oníbàárà, a kò sì tíì gbọ́ èsì.